Ọjọ́ Tí Oníbéèrè Wá Gba Iṣẹ́ ní Láàbù Wa

Ẹ bá mi dúpẹ́ ná kí n tó sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí mi tí mo pọn ọmọ-ọmọ mi sẹ́yìn, tí mò ń kọ orin tí kò lórí tí kò nídìí káàkiri ilé, ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Ọmọkùnrin kan ló gbà mí sílẹ̀, ìbéèrè ló sì fi gbà mí. Ìbéèrè lásán o!

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní láàbù, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Ìyá Láàbù ni tọmọdé tàgbà wọn ń pè mí. Èèyàn mẹ́ta ló yẹ ká jẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lásìkò tí mò ń sọ yìí, èmi nìkan ló kù, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì tó máa ń bá mi mú ọjọ́ Àìkú. Tí wọ́n bá gbé aláìsàn dé lóru, fóònù mi ni wọ́n ń pè. Màá dìde, màá wá ìlẹ̀kùn nínú òkùnkùn, màá lọ.

Nígbà náà, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo máa bímọ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ní ìlú míì. Nígbà oyún àkọ́kọ́, ọjọ́ tó ń rọbí, èmi wà nídìí iṣẹ́, mò ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí ọmọ ẹlòmíì lára bá tirẹ̀ mu. Kò sẹ́ni tí mo lè fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ọmọ ẹlòmíì yè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ tí ọmọ mi bí ò dúró. Kò bá mi jà o. Ohun tó kàn sọ ni pé, "Màámi, mo kàn ń wo ẹnu ọ̀nà ni." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń ró létí.

Torí náà, mo ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè ti láàbù pa kí n máa lọ, èèyàn á kú. Àfi kí wọ́n gba ẹni tó máa dúró sípò mi.

Wọ́n kúkú ti gba èèyàn méjì lọ́dún yẹn. Mánéjà wa ló gbà wọ́n. Kò-síṣòro là ń pè é, torí kò sóhun tẹ́ ẹ bi í tí kì í fi ìyẹn dáhùn. Òrùlé ń jò? Kò síṣòro. Iná lọ? Kò síṣòro. Ó sọ fún àwọn méjèèjì pé iṣẹ́ láàbù fẹ́rẹ̀ jọ fàájì. Ẹni àkọ́kọ́ gba owó oṣù kan, a ò fojú kàn án mọ́. Ẹnì kejì ní òun ń lọ jẹun ọ̀sán. Ó jọ pé ó ṣì ń jẹ ẹ́ títí dòní.

Bí a ṣe tún jókòó nìyẹn láti fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò: Dókítà tó ni ilé ìwòsàn, Kò-síṣòro, àtèmi. Obìnrin kan wá láàárọ̀, ó mọṣẹ́ díẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, tó fi jìgí sójú. Kò sóhun tá a bi í tí kò mọ̀. Inú mi ń dùn, mo ti ń di ẹrù lọ́kàn mi.

Dókítà ní, "Ó dáa. Ṣé ìwọ náà ní ìbéèrè?"

Àwọn tó kù, "Rárá sà" ni wọ́n máa ń sọ. Tiẹ̀ yàtọ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹni tó wà nípò yìí kẹ́yìn, kí ló mú un kúrò?"

Kò-síṣòro yára gbà á lẹ́nu Dókítà. "Ó ríṣẹ́ tó dáa jùyí lọ ni. Kò síṣòro."

"Ẹ ṣé sà. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà ríṣẹ́."

Ọmọ yẹn mi orí. "Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ pe èèyàn wá láti ilé lóru?"

"Kì í pọ̀ rárá," ni Kò-síṣòro wí.

"Ẹ má bínú sà, oṣù tó kọjá gan-an ni mò ń bi yín."

Kò-síṣòro wo òkè àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Inú ń bí mi! Mo ń sọ nínú ara mi pé, ta ló bí èyí báyìí? Ṣé kò lè gbaṣẹ́ kó panu mọ́ ni? Ẹni tí ebi ń pa kì í bi olóúnjẹ bóyá iyọ̀ tó.

Ó wá kọjú sí Dókítà. "Sà, àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ní láàbù yín, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣe é?"

Dókítà ò wo òkè. Ó ní, "Wọ́n kọ orúkọ aláìsàn kan sára ìgò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì. Ìyá Láàbù rí i kí èsì tó jáde. A ò lé ẹnikẹ́ni. A jókòó, a béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, a rí i pé láàbù ni wọ́n ti ń kọ orúkọ. Látìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ aláìsàn gan-an la ti ń kọ ọ́, kí ìgò tó kúrò níbẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó wá ní, "Èyí tó kù ni pé, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n bá ẹni tá a jọ máa ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀, àwa méjì nìkan?"

Bí mo ṣe ń dìde, Kò-síṣòro sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí. "Ìyá Láàbù, ẹ rántí ọmọ yín o. Ẹ má ba ọjà jẹ́."

Ah! Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi níbi tó ń ta mí. Títí a fi dé láàbù, mò ń to irọ́ lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ fún un pé à ń sùn dáadáa, pé fóònù kì í dún. Mo gbé àga fún un, mo jókòó.

Kò bi mí bóyá iṣẹ́ pọ̀. Ó ní, "Mà, ọjọ́ tó le jù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ bá mi sọ bẹ́ ẹ ṣe lò ó látàárọ̀." Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Èèyàn lè parọ́ nípa iṣẹ́, ta ló lè jókòó kó máa hun irọ́ odindi ọjọ́ kan? Mo ṣáà bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ń yọ jáde fúnra rẹ̀: àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ tó dákẹ́, tíì tí mo pò tí mi ò mu, ìpè òru.

Ó ní, "Ìgbà wo lẹ lọ sí líìfù kẹ́yìn, ta ló sì dúró sípò yín?"

Mo fẹ́ dáhùn. Omi ló jáde lójú mi. Èmi àgbàlagbà, níwájú ọmọ tí mo lè bí! Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ti ọmọ mi, ti ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Àwọn tó ṣáájú ẹ, irọ́ la pa fún wọn, wọ́n sì sá. Bí mo bá parọ́ fún ìwọ náà, ìwọ náà á sá, ibi tí mo ti ń wẹ ọmọ ni wọ́n á ti pè mí padà. Irọ́ ò ṣe mí láǹfààní. Máa bá tìẹ lọ, ọmọ mi, mi ò bínú."

Kò dìde. Ó bọ́ jìgí, ó nù ún. "Ìbéèrè kan ló kù, mà. Kí ló wá dá ẹ̀yin dúró síbí?"

Mo ronú sí i. "Dókítà ni. Kì í bú èèyàn. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó wá jókòó tì wá, kò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó ni. Àwọn èèyàn ibí dára. Iṣẹ́ tó wà níbí ló ju èèyàn kan lọ."

"Ẹ ṣé mà," ló wí. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

A padà wọlé. Ó kí Dókítà, ó ní òun fẹ́ràn ibí, òun á sì gbaṣẹ́ náà tí nǹkan méjì bá ṣeé ṣe. "Kí ìpè òru máa yí ká, kó má jẹ́ ti ẹnì kan. Ìkejì, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ líìfù ìyá yìí kí n tó buwọ́ lùwé."

Kò-síṣòro fò sókè. "Kí ló kàn ẹ́ nínú líìfù ẹlòmíì?"

"Ó kàn mí púpọ̀, sà. Tí iṣẹ́ bá dá wọn dùbúlẹ̀, orí èmi ni gbogbo ẹ̀ máa bọ́ sí. Èmi kì í ṣe èèyàn mímọ́ o, oorun mi ni mò ń jà fún." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Dókítà kọjú sí mi. "Ìyá Láàbù, ṣé bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́?"

Kò-síṣòro ń ṣẹ́jú sí mi. Mo ní, "Bó ṣe rí nìyẹn, sà. Alẹ́ tí wọn ò pè mí lóṣù tó kọjá ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí n kà fún yín, ìyẹn ló máa tètè tán."

Dókítà gbé àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè nípa láàbù, kò síṣòro ni wọ́n ń sọ fún mi. Ẹ̀bi mi ni, Ìyá Láàbù, ẹ̀yin ló yẹ kí n bi." Ó wá ní kí Mánéjà pe obìnrin ohùn ẹ̀fọn yẹn padà, kí wọ́n gba àwọn méjèèjì, kí bàbá Àìkú máa wá lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi mojú iṣẹ́. Ẹ mọ ohun tí Mánéjà sọ? "Kò síṣòro, sà."

Abèèrè kì í ṣìnà, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi. Èmi ò mọ̀ pé abèèrè tún lè mú ẹlòmíì dání lọ́nà.

Mo dé ilé ọmọ mi kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo dúró síbi tó ti lè rí mi, kò wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Mo wo ojú ẹ̀, láàbù ni. Ọmọ mi rí orúkọ náà, ojú ẹ̀ yí padà. Mo gbé e sétí. "Kí ló dé? Ta ló kú? Ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni?"

Oníbéèrè ni. "Kò sóhun tó ṣe wá, mà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ìyá ọmọ ńkọ́, ọmọ ńkọ́?"

Mo wo orí ibùsùn. Mo ní, "Àwọn méjèèjì wà láàyè, ọmọ mi. Tìyá tọmọ ló wà láàyè." Ọmọ mi bá gba fóònù lọ́wọ́ mi, òun ló bá mi dúpẹ́.