Oko Yin Nko?

Oṣù mẹ́rin gbáko ni ìwé owó tí mo kọ fún Mádàámù onílé-ìwé fi wà nílẹ̀. Mẹkáníìkì ni mí. Èmi ni mo tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wọn palẹ̀ tí mo tún un tò. Ẹni tó ta páàtì rẹ̀ fún mi láwìn ti wá sọ ojú abẹ níkòó: bí owó òun ò bá dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun á kó irinṣẹ́ mi. Kí ni mo wá fẹ́ fi máa tú nọ́ọ̀tì, eyín?

Mo tẹ ọ̀rọ̀ gbígbóná kan sórí fóònù. Ìyàwó mi kà á, ó pa á rẹ́.

"Bàálé mi, Mádàámù tó ń gbé ọkọ̀ ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá fún yín náà lẹ fẹ́ kọ èyí sí? Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ẹ kí wọn dáadáa ná."

Òótọ́ ló sọ, ó kàn dùn mí ni. Mo bá sọ ọ̀rọ̀ di oyin. Fóònù mi ò sì mọ àmì ohùn:

"E ku ojo meta, Mama. Oko yin nko? Mo ti se e debi ti ko le da yin laamu mo. Owo ise yen lo ku. E ma binu o."

Kò tó wákàtí kan, Mádàámù wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àbúrò ọkọ wọn tẹ̀ lé wọn, ọkùnrin gàgàrà, kò kí mi. Mádàámù na fóònù wọn sí mi.

"Ẹ kà á sókè."

Mo kà á: "Ọkọ̀ yín ńkọ́? Mo ti ṣe é débi tí kò lè dà yín láàmú mọ́..."

"Ọkọ̀?" ni àbúrò ọkọ wọn wí. "Ọkọ la kà. Ó ti kú."

Mo tún fi ojú ara mi kà á bí wọ́n ṣe kà á: mo ti ṣe ọkọ wọn, kò lè dà wọ́n láàmú mọ́, owó iṣẹ́ ló kù. Sùpánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì.

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Mádàámù, ó sì di ẹkún kí n tó gbójú sókè.

"Ọkọ mi ló ń sanwó ọkọ̀," ni wọ́n wí. "Ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbé ọkọ̀ náà wá fún wa ló lọ. N ò mọ̀ pé gbèsè wà."

Wọ́n san án pé lórí ìdúró, láti orí fóònù. Irinṣẹ́ mi bọ́ lọ́wọ́ onípáàtì, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń ka iye ọjọ́ owó mi, n ò fi ìgbà kan pè láti béèrè àlàáfíà wọn. Oṣù mẹ́rin tí ìwé mi fi wà nílẹ̀ yẹn, inú ilẹ̀ ni ọkọ wọn náà wà.