Ìlà Funfun Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Nígbà tí òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìdá, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ti fi pẹ́ńsù fa òrùka yí iṣẹ́ mi ká: eré ìdárayá, kíláàsì kẹrin, ọjọ́ Ẹtì, ogójì ìṣẹ́jú.

"Pápá ti di odò," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn ọmọ yìí fi jókòó tẹtẹrẹ, tí wọ́n ń ya àwòrán ọkọ̀ òfuurufú sẹ́yìn ìwé. Olùkọ́ ìṣirò ti bẹ̀ mí pé kí n gbé àkókò yẹn fún òun títí òjò á fi dá. Kí lo rí sí i?"

Ojú fèrèsé ni mo ń wò, níbi tí omi ti ń ṣàn lára gíláàsì bí ẹni ń kọ lẹ́tà, tó sì ń pa á rẹ́. Ọmọ kan ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Àgbọ̀nrín nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ní gbogbo iṣẹ́ yòókù, orí tábìlì ni orí ọmọbìnrin yẹn máa ń wà. Ogójì ìṣẹ́jú ọjọ́ Ẹtì nìkan ló máa ń gbójú sókè. Bí wọ́n bá gba àkókò yẹn, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ká tó tún rí ojú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," mo wí. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà. Kíláàsì náà wà. Mo lè ṣe é níbẹ̀."

"Láìpariwo?"

"Láìpariwo, mà."

"Láìsí ẹni tó máa ṣubú?"

"Kò sẹ́ni tó máa ṣubú, mà."

Ẹnu mi ti yá jù.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn yọ díẹ̀. Mo sáré lọ fi ìgbésẹ̀ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú kíláàsì: ogún ìgbésẹ̀ ní gígùn, mẹ́ta ní ìbú. Inú mi dùn. Mo pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú ìwé, kí wọ́n máa sáré gba igi lọ́wọ́ ara wọn. Ní ti ariwo, mo rò ó títí, mo sì rí ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ mi: kí gbogbo wọn bọ́ bàtà, kí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan sáré. Ìbọ̀sẹ̀ kì í dún.

Ọjọ́ Ẹtì dé pẹ̀lú òjò àti afẹ́fẹ́. Mo fọn fèrè. Àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógójì tí wọn ò tíì sáré láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bú sí eré lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò ń fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ìdajì ilẹ̀ ti ń dán. Àgbọ̀nrín ló kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n á ti yí padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ kù sẹ́yìn. Mo gbọ́ bí ìgúnpá rẹ̀ ṣe gba ilẹ̀.

Kò sunkún. Ó di ìgúnpá náà mú, ó ń wò mí. "Àǹtí, ẹ má sọ fún ọ̀gá o," ló wí. "Wọ́n á gba eré yẹn lọ́wọ́ wa."

Olùkọ́ ìṣirò, tí àwọn ọmọ ń pè ní Bàbá Ìṣirò, ti yọ jáde ní kíláàsì kejì. Ó wo ilẹ̀ tó tutù, ó wo fèrè ọrùn mi.

"Àǹtí, ṣé ogun ló dé ni? Mo bi àwọn ọmọ mi pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó, fèrè yín ló dáhùn."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi oògùn pa ìgúnpá ọmọ náà. Kò ṣẹ́, ó bó ni. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, kò sì gbé ohùn sókè rárá, èyí tó dùn mí ju kó pariwo lọ. "Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ nìkan ló kù," ló wí. "Èmi fúnra mi á wá jókòó síbẹ̀."

Nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì pẹ̀lú ìwé ìgbáradì iṣẹ́ lórí itan mi àti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mi ò kọ nǹkan kan. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú garawa rẹ̀. Màmá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń nu ilẹ̀ yẹn.

"Tíṣà kékeré, gbé ẹsẹ̀," ló wí. Ó nu abẹ́ rẹ̀. "Ìwọ lo wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Èmi ni, mà."

"Lọ́jọ́ oòrùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí o bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin ṣe máa ń bínú, ṣé ọjọ́ tó gba owó oṣù lo máa lọ wò ó?"

Ẹ̀rín gbà mí lójijì, bẹ́ẹ̀ omijé wà lójú mi. Ó gbé igi aṣọ ìnulẹ̀ ti ògiri, ó na ọwọ́ sí mi. "Fún mi ní ṣọ́ọ̀kì yẹn."

Ó rìn lọ sí òpó kẹta. "Láti ibi àtẹ̀gùn dé ibí yìí, má dé ibẹ̀ rárá. Páìpù omi òkè ti là, ó ń kán. Láti ibí dé òpó keje, òjò kì í kọjá ibi tí mo fẹ́ fà yìí, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ le tó. Èmi ni mò ń nù ún, mo mọ ibi tí aṣọ mi máa ń gbẹ padà." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa ìlà funfun kan láti òpó kẹta dé òpó keje. Láàárín ìlà náà àti ògiri, ìgbésẹ̀ kan àti ààbọ̀ ló wà.

"Kò fẹ̀, mà. Wọn ò lè sáré níbẹ̀."

"Ta ló ní kí wọ́n sáré? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń lé àwọn ọmọ tó ń sáré lọ́dẹ̀dẹ̀. Ìwọ wá fọn fèrè fún wọn." Ó dá ṣọ́ọ̀kì padà fún mi. "Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

Mi ò lè sọ fún un pé orí ara mi ni.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé náà lákọ̀tun nìyẹn. Mo pa sáré-sáré rẹ́ pátápátá. Mo ṣe ibùdó mẹ́fà, ọmọ mẹ́fà ní ìkọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta máa wà nínú kíláàsì: ibi tí wọ́n á ti máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, ibi tí wọ́n á ti fi ẹsẹ̀ kan dúró, àti ibi tí wọ́n á ti máa rọra ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ sínú garawa, jìnnà sí fèrèsé. Mẹ́ta máa wà lọ́dẹ̀dẹ̀: ibi tí wọ́n á ti máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì rìn lójú ìlà ṣọ́ọ̀kì kejì tí èmi fà sítòsí ògiri, ibi tí wọ́n á ti fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí wọ́n máa tẹ ìgúnpá, kí wọ́n máa nà án, àti ibi tí wọ́n á ti máa gbé orúnkún sókè lójú kan. Méjì-méjì ni wọ́n á máa ṣe é. Ẹnì kan á ṣe, ẹnì kejì á máa fi ìka kà á, wọ́n á sì yí padà. Èmi á dúró sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí mo ti lè rí ọ̀tún, kí n sì rí òsì. Dípò fèrè, mo máa gbé aṣọ pupa kan sókè.

Bọ́ọ̀lù ló kù. Télọ̀ ni bàbá mi. Mo kó ìbọ̀sẹ̀ ogbó lọ bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àjákù aṣọ kún wọn, kó rán ẹnu wọn.

Ó wò mí lókè gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo rán ọmọ lọ sílé ìwé kó lè bọ́ nídìí abẹ́rẹ́. Ó kàwé tán, ó tún mú abẹ́rẹ́ wá bá mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi."

"Mélòó?"

"Mẹ́fà."

Mẹ́jọ ló rán. Ó ní méjì yẹn jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n bá sọnù.

Ọjọ́ Ẹtì dé, òjò náà bá a dé. Ọ̀gá jókòó sẹ́bàá pátákó ìkọ̀wé pẹ̀lú ìwé ètò iṣẹ́ lórí itan. Àwọn ọmọ ti tábìlì mọ́ ògiri, wọ́n kó báàgì sí abẹ́ rẹ̀. Mo yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tí bàtà rẹ̀ ní rọ́bà nísàlẹ̀ wọ̀ ọ́, ẹni tí tirẹ̀ ń yọ̀ bọ́ ọ, ó sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. A yí èjìká, a gbé apá, a na ara lójú kan títí ara wọn fi gbóná. Lẹ́yìn náà ni mo gbé aṣọ pupa sókè, kálukú sì lọ sí ibùdó rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń nà bọ̀, ó ń nà bọ̀. Nígbà tó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kó dé ìlà Màmá Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró. Ọkàn mi balẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń yí wọn. Kò sí ohun tí à ń gbọ́ ju òjò lọ, àti ìró bọ́ọ̀lù tó ń bọ́ sínú garawa tí mo fi aṣọ tẹ́. Àgbọ̀nrín wà níbi ẹlẹ́sẹ̀ kan, òógùn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ àmì tí mo fi sára pátákó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Àǹtí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ìdúró yìí le ju eré sísá lọ."

"Ṣé kí n mú ẹ kúrò níbẹ̀?"

"Rárá o. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Nígbà tí gbogbo wọn ti yí ibùdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká, mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ lé àyà, kí wọ́n máa mí díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń sáré, tó sì ń rọra rìn padà. Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Ìṣirò fi kan ilẹ̀kùn, tó yọ orí wọlé.

"Ẹ kú ìjókòó o, Àǹtí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò ti ṣe eré lónìí, ṣé kí n tètè máa kó wọn?"

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà wo òógùn ojú wọn, ó wo tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tún wo ọ̀gá.

"Wọ́n ti ṣe é tán," ni ọ̀gá wí.

"Nígbà wo?"

Ọ̀gá mú ìpawérẹ́ nínú àpò rẹ̀, ó sì pa òrùka pẹ́ńsù yẹn rẹ́ lára ìwé ètò iṣẹ́, ó fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò. Bàbá Ìṣirò ní ṣé a lè yá òun ní bọ́ọ̀lù méjì, àwọn ọmọ òun náà ń sùn lọ́sàn-án.

Mo fún un ní méjì tí bàbá mi rán lé. Mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi nínú ọkàn mi bí mo ṣe ń nà wọ́n sí i.

Lẹ́yìn iṣẹ́, mo lọ wá Màmá Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wà láàárín òpó kẹrin àti ìkarùn-ún, ó ń nu omi. Mo rí i pé tó bá dé ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó máa ń rọra yí aṣọ padà kó má baà pa á rẹ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà. Àkókò yẹn ti di tiwa."

"Mo gbọ́. Àwọn ọmọ ti sọ fún mi kí o tó dé." Ó fi orí igi aṣọ ìnulẹ̀ tọ́ mi ní ẹsẹ̀. "Dìde, ilẹ̀ tutù. Bí o bá fẹ́ kúnlẹ̀, sún sí ẹ̀yìn ìlà."

Mo sún sí ẹ̀yìn ìlà, mo sì tún kúnlẹ̀.