Èlé Tó Yẹ Ká Dá Padà

"Ìyá Ìwé, fọwọ́ sí i kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀."

Alága ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ìwé ìṣirò ọdún sórí tábìlì ìlọṣọ. Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni wọ́n wà, níbi tí Ìyá Ìwé ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn. Òun náà ni akápò ẹgbẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kà á. Èlé tí àwọn tó yáwó san jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Ìnáwó ẹgbẹ́ jẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba nínú rẹ̀, wọ́n sì ya igba mìíràn sí àpò owó pàjáwìrì. Ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó.

"Alága, òfin wa ní ká pín irinwó yìí sí méjì: ìdajì fún owó tí kálukú fi pamọ́, ìdajì padà fún àwọn tó san èlé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, ẹ ti kó gbogbo ẹ̀ sórí ìfipamọ́."

"Ẹni tó yáwó ti jẹ tiẹ̀. Ìwọ náà ò yáwó rí. Tìẹ á di ìlọ́po méjì. Àbí òrùlé ẹ ò jò mọ́ ni?"

Ó ń jò. Àwo mẹ́ta ló fi ń gbe omi nínú yàrá. Ó gbàdúrà díẹ̀ nínú ọkàn, kó má bàa ṣe ojúkòkòrò.

"Ẹ jẹ́ kó máa jò, sà. Mi ò ní fi omijé ẹlòmíì kan òrùlé."

"O ò ní ṣe akápò mọ́ nìyẹn!"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ fi mí jẹ ẹ́."

Nínú gbọ̀ngàn ìjẹun, Alága bẹ ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yí òfin padà. Ìyá Ìwé dìde.

"Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà, èlé mélòó lẹ san?"

Aṣọ́nà náà yáwó fún iṣẹ́ abẹ ojú ìyàwó rẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún méjìlá."

"Igba nínú ẹgbẹ̀rin ló ń padà, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló yẹ kó padà sọ́wọ́ yín. Nínú ìwé Alága, òfo ni."

"Háà! Alága, ṣé ojú ìyàwó mi lẹ fẹ́ gbà padà ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ogójì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ gòkè kí òfin tó yí padà. Wọ́n dìbò, wọ́n ka ọwọ́ tó gòkè: mọ́kànlélógún péré.

Inú bí Alága. "Akápò, mú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wá!"

Ìyá Ìwé gbé e sórí tábìlì, ó fi í sílẹ̀ gbayawu.

"Òun nìyí. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́, kí wọ́n yan ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kà tán. Ìyá alásè, ẹ dìde. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lẹ san. Ẹgbẹ̀rún méjì ló ń padà sọ́wọ́ yín."

Ìyá alásè dìde. Awakọ̀ ilé ìwòsàn, tó yáwó lòun náà, dìde tẹ̀ lé e kí wọ́n tó pè é. Kò sẹ́nì kan tó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ náà, àní Alága pàápàá.