Pòtétò Ọjọ́ Ìsìnkú Avis

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ọdún 2014, Avis ìyàwó mi kú. Ọjọ́rú ni. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni a fi jọ gbé.

N kò ní sọ̀rọ̀ àìsàn náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó lọ bi dókítà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ tó já geere. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ méjì kí ó tó lọ. Ó di ọwọ́ aṣọ mi mú, ó sì fà mí mọ́ra. Mo tẹ́tí sí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, tàbí ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Ó ní, "Lindsay, má jẹ́ kí Glenys se sàláàdì pòtétò ìsìnkú mi."

Mo ní, "Má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Ó dá ọwọ́ aṣọ mi sílẹ̀, ó sì sùn.

Glenys ni àbúrò rẹ̀. Ní apá ibi tí à ń gbé ní Tasmania, ní Ọsirélíà, lórí òkè ilẹ̀ pupa tó kọjú sí òkun, pòtétò ni gbogbo wa ń gbìn. Bí ẹnìkan bá kú, oníkálukú a gbé oúnjẹ wá sí gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n sàláàdì pòtétò, ẹbí òkú ló ni ín. Àgbẹ̀ tí sàláàdì pòtétò ilé rẹ̀ bá bàjẹ́ níwájú àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sàn kí ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ ṣòkòtò. Nígbà tí ìyá wọn kú, Glenys ló se é. Ṣíbí ọbẹ̀ ni wọ́n fi bù ú. Athol, ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn, béèrè bóyá kí òun mú ife wá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kọjá, wọn kò tíì gbàgbé.

Èmi ti gbin pòtétò fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo mọ ìgbà tí à ń gbìn ín, mo mọ ìgbà tí à ń wà á, mo lè wo ewé rẹ̀ kí n sọ àrùn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọ inú, ọ̀rọ̀ Avis ni. N kò se ọ̀kan rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìsìnkú, aago kan ọ̀sán. Ní aago méje àárọ̀ mo gbé ìkòkò ńlá ka iná. Mo jẹ́ kí omi hó gan-an, nítorí mo rò pé bí omi bá ṣe gbóná tó ni iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Mo bu pòtétò láti inú àpò tó sún mọ́ ilẹ̀kùn àká jù lọ, àwọn funfun oníyẹ̀fun tí à ń tà. Mo bó wọn, mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, nítorí mo rò pé ohun kékeré kì í pẹ́ jinná. Mo dà wọ́n sínú omi tó ń hó yaya. Mo lọ fá irùngbọ̀n.

Nígbà tí mo padà, omi ti di ògì. Mo mú ẹyọ kan. Ìta rẹ̀ yọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo jẹ inú rẹ̀, ó dún kàrà.

Ibẹ̀ ni Glenys bá mi. Kì í kan ilẹ̀kùn. Ó wọ aṣọ dúdú, ó fi fìlà dúdú sí i, ó sì wọ bàtà rọ́bà àgbẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ó yọjú sínú ìkòkò. "Kí lò ń sè? Ṣé o fẹ́ kun ògiri ni?"

"Sàláàdì."

"Èyí?" Òun náà mú ẹyọ kan sẹ́nu. "Lindsay, ìwọ tí o ti fi pòtétò bọ́ ìdajì Ọsirélíà! Òde ti kú, inú ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣàìsàn."

"Mo mọ̀."

"Kúrò níbẹ̀ o jàre. Jẹ́ kí n se òmíràn."

"Rárá."

"Rárá báwo?"

"Rárá náà ni."

Ó wò mí títí. Mo wo ìkòkò. Ó ní, "Ó sọ fún ọ."

Mo gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná.

"Avis sọ fún ọ pé n ò gbọ́dọ̀ sè é. Orí ibùsùn ikú ló ti sọ ọ́!"

Mo ní, "Ó ní kí n ṣèlérí."

Glenys fìdí lé àga. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ sun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ ìnuwọ́. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣubú lórí rẹ̀. "Obìnrin burúkú yẹn! Èémí ò tó o mọ́, ó ṣì rí èyí tí yóò fi bú mi!" Ó nu ojú. N kò wo ojú náà kínníkínní.

Nígbà tó yá ó ní, "Òótọ́ ló sọ, ṣá. Mo mọ bó ṣe ń sè é dáadáa. Sùúrù ni n ò ní. Gbọ́, màá jókòó síbí, màá ká ọwọ́ mi sórí itan. Ẹnu nìkan ni màá fi sè é. Ṣé ẹnu wà nínú ìlérí ẹ?"

Mo rò ó wò. Mo ní, "Kò sí níbẹ̀."

"Ó dáa. Lọ kó àwọn pòtétò olójú pupa wá, èyí tí Avis ń gbìn fún ara ẹ̀. Àwọn yẹn lára wọn ki. Ti inú àpò yẹn, yẹ̀fun lásán ni, bó bá jinná á tú ká."

Mo kó wọn wá. Ó ní kí n má bó èèpo wọn. Ó ní kí n gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì péré, kí n fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ lódindi, kí gbogbo wọn bára dọ́gba.

"Bí ọ̀kan bá tóbi ju ọ̀kan lọ, èyí kékeré á ti fọ́ kí èyí ńlá tó jinná. Dà wọ́n sínú ìkòkò. Omi tútù."

"Tútù?"

"Tútù, Lindsay. Kí ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Iyọ̀ sí i. Pòtétò àti omi gbọ́dọ̀ jọ gbóná pọ̀, kí ooru rí àyè rìn dé àárín. Bó o bá jù ú sínú omi gbígbóná, ohun tó o ṣe láàárọ̀ yìí nìyẹn."

Nígbà tó fẹ́ hó, ó ní kí n rẹ iná sílẹ̀. "Kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Kó má pariwo."

Nígbà náà ni ó ranjú mọ́ ìkòkò àkọ́kọ́. "Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Màá dà á nù."

"Nígbà tí ó fẹ́ jinná? Gígún ni ká gún un. Sàláàdì ni Avis fi bú mi. Kò bú mi ti pòtétò gígún rí láyé ẹ̀."

Òótọ́ ni. Avis kì í sọ ohun tí kò bá ní lọ́kàn. Mo fún un láyè.

Ó dìde kíá. Ó dá ìkòkò náà padà sórí iná, ó sè é rọra títí ọ̀bẹ fi ń wọ inú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó dà á sínú ajere, ó gbọn ọ́n, ó sì dá a padà sínú ìkòkò òfìfo lórí iná kékeré láìfi ìdérí dé e. Ó ń mi ìkòkò náà, ooru sì ń rú jáde.

"Bó o ṣe bó o, tó o gé e yẹn, ó ti mu omi bí ọ̀mùtí. Omi yẹn gbọ́dọ̀ jáde kí bọ́tà tó wọlé. Wò ó."

Mo wò ó. Ara pòtétò náà gbẹ, etí rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó da wàrà gbígbóná àti bọ́tà sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí igi tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ oníná tí Avis fi ń po àkàrà òyìnbó wá láti ràn án lọ́wọ́. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Ṣé gọ́ọ̀mù lo fẹ́ fi lẹ pósí ni? Bí ẹ̀rọ bá lù ú, á máa fà."

Mo gbé ẹ̀rọ padà.

Ó wá kù sí ti sàláàdì. Glenys ní kí n máa fi ọ̀bẹ tínrín gún un wò. Kí ọ̀bẹ wọlé, ṣùgbọ́n kí pòtétò dì í mú díẹ̀ kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo gún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó dì í mú díẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ó ti tó."

Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ni tẹlifóònù dún. Àwọn asìnkú ni, mo mọ ìyẹn láìgbé e. Wọ́n ti ní àwọn yóò pè.

Glenys na ìka sí mi. "Ibí gan-an lèmi máa ń kú sí! Màá lọ gbé fóònù, màá dé ìkòkò, màá ní wọ́n á dúró dè mí. Wọn kì í dúró. Inú omi gbígbóná ni wọ́n á ti máa jinná lọ, iná ìbáà ti kú."

Tẹlifóònù ń dún. Mo da pòtétò sínú ajere. Tẹlifóònù dákẹ́, ó tún dún. Mo tẹ́ wọn sórí tíréè lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má gun ara wọn, kí ooru lè jáde. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wọ́n fínígà sí wọn bí wọ́n ti ń gbóná. Glenys jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, "Kíríìmù sàláàdì ńkọ́?"

Mo ní, "Ìwọ ni ó yẹ kí n bi."

"Ó di ìgbà tó bá tutù. Èmi ò dúró rí, ó sì máa ń yọ́."

Mo dúró títí aago mẹ́wàá àbọ̀, mo wá po kíríìmù mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó pe àwọn asìnkú. Ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè ni bóyá kí àwọn wọ jígí ojú fún Avis. Wọn kò rí ẹni dáhùn, wọ́n ti wọ̀ ọ́ fún un, wọ́n sì ti kan ìdérí. Mo ní kò burú. Yóò lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, òtútù oṣù keje tiwa wọ inú gbọ̀ngàn. Atẹ́gùn ń bọ̀ láti òkun, páànù ń mì. Athol wá sídìí sàláàdì. Ó fi fọ́ọ̀kì gbé ẹyọ kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i po.

"Glenys ló sè é?"

"Èmi ni."

Ó tún yí i. "Igun ẹ̀ ṣì pé."

Ní àdúgbò wa, ìyìn nìyẹn. Ó jẹ ẹ́, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó lọ tò sẹ́yìn àwọn tó kù nídìí pòtétò gígún, nítorí ó ń rú èéfín, bọ́tà sì ń yọ́ lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni orí rẹ̀ pé tí yóò jẹ ohun tútù nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Glenys ló ń bù ú. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán bí ti ọlọ́pàá. Athol padà lọ bù ú lẹ́ẹ̀mejì, níkẹyìn ó ní, "Glenys, èyí dára o," ojú sì ti òun fúnra rẹ̀.

Kò dùn mí. Ẹni tí yóò sè é ni Avis bá mi sọ. Kò sọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ní aago mẹ́rin gbogbo wọn ti lọ. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyí:

Ife tíì mọ́kànlélógójì, ọ̀kan fọ́.
Agbòòrùn mẹ́ta, ọ̀kan ni kò ní egungun.
Ìkòkò pòtétò gígún, òfìfo. Ẹnìkan ti fi búrẹ́dì nu inú rẹ̀.
Eyín àtọwọ́dá kan, ti òkè, nínú bébà ìnuwọ́.
Àkàrà òyìnbó tí ìyàwó pásítọ̀ ṣe, lódindi.
Sàláàdì pòtétò, ó lé ní ìdajì àwo.
Súwẹ́tà Avis aláwọ̀ ewé, tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn láti oṣù kẹrin. Nínú àpò rẹ̀, súìtì kan àti ìdè irun tó já.