Ẹ̀rọ Ọjọ́ Sátidé

Ọ̀sẹ̀ tí Ìyá Ìbejì fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ gan-an ni kíndìnrín ọkọ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń gba tẹlifóònù ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ, tí ọ̀gá kan tó lè bí lọ́mọ ń jágbe mọ́ ọn lójú àlejò. Ó ti kọ lẹ́tà, ó ti fi í sínú báàgì. Ni ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ bá wú bíi pé wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Dókítà ní kíndìnrín méjèèjì ti kọṣẹ́. Àfi kí ẹ̀rọ máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìṣúránsì ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni yóò sì máa san án. Ìyá Ìbejì fa lẹ́tà ya.

Akọ̀wé ìṣúránsì, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló wá la ọ̀rọ̀ yé e.

"Owó ẹ̀rọ ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún là ń san lọ́dún, màmá. Tí bàbá bá ń ṣe mẹ́ta lọ́sẹ̀, yóò tán lópin oṣù kẹjọ."

"Oṣù mẹ́rin tó kù ńkọ́?"

"Àpò yín ni. Àmọ́ ẹ lè ní ká máa san méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ̀yin máa san ẹyọ kan. Iye kan náà ni lópin ọdún, ṣùgbọ́n mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ ó máa san lóṣù, kì í ṣe mẹ́tàlá. Ibùdó tó wà lórí ìwé wa nìkan ni o. Tí ẹ bá lọ síbòmíràn láìgba nọ́ńbà àṣẹ, a ò ní san."

Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ nítòsí wọn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kò sí lórí ìwé. Ibùdó tó wà lórí ìwé, mọ́tò méjì ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ìyá Ìbejì gba ti ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Túsìdeé àti Tọ́sìdeé di ti ìṣúránsì, Sátidé di tirẹ̀. Tí owó oṣù bá ti wọlé, owó Sátidé ló kọ́kọ́ ń yọ, kó tó kan owó ilé. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kó lè bá ọkọ rẹ̀ lọ ní Sátidé, nítorí náà ló ṣe ń kó owó náà lé e lọ́wọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, nínú oṣù kẹta, ọkùnrin náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò lè mí délẹ̀. Ojú rẹ̀ wú. Ìyá Ìbejì ò ronú lẹ́ẹ̀mejì, ilé ìwòsàn ìtòsí ló gbé e lọ.

"Ìgbà wo lẹ ṣe ẹ̀rọ kẹ́yìn, sà?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Tọ́sìdeé."

"Sátidé ńkọ́?" Ìyá Ìbejì ló béèrè. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Dókítà ní omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní potásíọ̀mù sì ti ga débi tó lè dá ọkàn dúró. Ìyá Ìbejì pe akọ̀wé ìṣúránsì.

"Pàjáwìrì nìyẹn, màmá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kí dókítà kọ̀wé sí wa kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Ṣùgbọ́n a ó yọ ọ́ nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún yẹn o. Tó bá ti gbádùn, ibùdó yín ni kẹ́ ẹ padà sí."

Ọkùnrin náà ti lo wákàtí méjì lórí ẹ̀rọ kí èémí rẹ̀ tó balẹ̀. Ìgbà yẹn ló sọ̀rọ̀.

"Sátidé mẹ́ta ni mi ò lọ. Owó yẹn wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi." Iṣẹ́ lílẹ táìsì mọ́lẹ̀ ilé ló ń ṣe kí àìsàn tó dé. "Mo fẹ́ kó pọ̀ tó ká lè fúnra wa ra ìṣúránsì, kí o lè kúrò lábẹ́ ọmọ tó ń jágbe mọ́ ọ yẹn."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín di omi lójú rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, mo ti béèrè, tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ rà á lọ́dọ̀ wọn, ọdún kan gbáko ni wọn ò fi ní san kọ́bọ̀ lórí àìsàn tó ti wà nílẹ̀. Ẹ ò sì lè dúró ọ̀sẹ̀ kan."

Ọkùnrin náà dijú. "O ò sọ fún mi."

"Kí n sọ ọ́ kó di kí ni?"

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì pé òun pẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gba iṣẹ́ Sátidé lọ́wọ́ òun, kó fún òun ní ti Sọ́ńdè. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe. Ìyá Ìbejì gbé fóònù jìnnà sí etí díẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń gba inú rọ́bà kan jáde, tó ń gba òmíràn wọlé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló ń wí. "Ẹ má bínú, sà."