Oyin Winnie Níwájú Gíláàsì

Lọ́jọ́ ìdíje oyin ní abúlé wa, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì máa ń kún fún àwọn àgbàlagbà tó ń nu ìgò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú tábìlì. Iṣẹ́ mi ni kí n tẹ́ pépà funfun, kí n to ìgò, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Ìkẹta yẹn ló máa ń le fún mi.

Bàbá Hedley Umpleby gbé ìgò mẹ́rin wọlé. Méjì jẹ́ oyin tirẹ̀, méjì jẹ́ ti Winnie, ìyàwó rẹ̀. Ilé oyin kan ṣoṣo ni Winnie ní, lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó fún oyin ọdún yìí sínú ìgò tán ló kú. Nígbà ayé rẹ̀, kò gbé oyin wá síbí rí, torí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un tipẹ́ pé àwọ̀ oyin tirẹ̀ pọ́n jù. Ní báyìí tí kò sí mọ́, ọkọ náà ń wá káàdì ẹ̀yẹ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ipò kẹta. Ó gbé oyin tirẹ̀ sí ẹgbẹ́ oyin mímọ́, ó gbé ti Winnie sí ẹgbẹ́ oyin agbedeméjì, èyí tí kò mọ́ tó, tí kò sì dúdú.

Dorcas Lumb, tó ń gba ife ẹ̀yẹ oyin mímọ́ lọ́dọọdún, ti dúró síbẹ̀.

"Bàbá Hedley, ṣé ẹ tún gbé oyin yín wá kí ife mi ni?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ mi nife yẹn ń bọ̀ lọ́dún yìí."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí léṣìí. Òdòdó ni mo gbìn sínú ife náà." Dorcas bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìgò Winnie, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ta ló gbé èyí sí agbedeméjì?"

"Èmi ni."

"Níbo lẹ ti wò ó?"

"Lórí pẹpẹ."

"Pẹpẹ igi dúdú ẹ̀gbẹ́ sítóòfù yẹn? Tiyín ńkọ́?"

"Lójú fèrèsé."

"Tí kọ́tìnnì funfun wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ò ṣe kúkú gbé ti Winnie sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ wá ti ilẹ̀kùn?"

Mo yíjú sí ògiri kí Bàbá má baà rí ẹ̀rín ẹnu mi.

Gíláàsì pẹlẹbẹ méjì tó láwọ̀, èkíní fẹ́ẹ́rẹ́, èkejì dúdú, la fi ń wọn àwọ̀ oyin. Èyí tó bá bá gíláàsì àkọ́kọ́ dọ́gba, tàbí tó mọ́ jù ú lọ, oyin mímọ́ ni. Èyí tó bá dọ́gba pẹ̀lú gíláàsì kejì, tàbí tó dúdú jù ú lọ, oyin dúdú ni. Èyí tó bá wà láàárín méjèèjì ni agbedeméjì. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé oyin wá lè tọrọ wọn kí adájọ́ tó dé. Dorcas tọrọ wọn, ó sì kó wọn fún Bàbá.

Bàbá gbé gíláàsì àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò ìyàwó rẹ̀, pépà funfun wà lẹ́yìn wọn. Oyin Winnie mọ́ ju gíláàsì lọ. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ náà. Ìyẹn àti gíláàsì dọ́gba.

"Tèmi náà mọ́," ó ní.

"Ó mọ́," ni mo wí. "Àmọ́ ẹ̀yin lẹ gbé méjèèjì wá, ẹnìkan ò sì lè gbé oyin méjì sí ẹgbẹ́ kan."

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí oyin Winnie bá dúró síbi tó wà, adájọ́ á kọ "kò bá ẹgbẹ́ mu" sí i lára, kò ní tọ́ ọ wò rárá.

"Tèmi ò dáa tó báyìí rí, Dorcas."

"Mo rí i. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

Bàbá gbé ìgò méjèèjì tirẹ̀ padà sínú àpótí, ó fẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì, ó sì gbé ti Winnie sípò wọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Gbogbo wọn jáde lọ mu tíì, adájọ́ sì wọlé, ó wo àwọn oyin, ó gbóòórùn wọn, ó tọ́ wọn wò. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ ìgò Winnie nife wà. Dorcas ló gba ipò kejì.

"Ẹ dè é mọ́lẹ̀ o," Dorcas wí. "Ó ti mọ ọ̀nà ilé mi."

Ìgò Winnie ni Bàbá ń wò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń sáré lé ife yìí, ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ló wà. Mo sì ní ó pọ́n jù."

Dorcas gbá a léjìká mú.

"Níbo lẹ máa wá gbé e sí? Orí pẹpẹ?"

"Rárá," ni Bàbá wí. "Ojú fèrèsé."