Ẹ̀rín Tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

Mi ò lè rí ohun tó rí wúruwùru kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síwájú mi tí igun kan wọ́, màá tún un tẹ́. Bóyá ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé àkọsílẹ̀ kíláàsì lé mi lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìlera wa ní Àgbádárìgì.

Olùkọ́ wa, Ìyáàfin Gbádéyan, kì í fi èdè kan ṣoṣo kọ́ni. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á já sí Yorùbá, wọ́n á tún padà kí a tó mí. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn ni a ń kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ wá ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, kí gbogbo àkọsílẹ̀ di gẹ̀ẹ́sì, kí a sì to àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe pàtàkì sẹ́yìn ìwé pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì wọn, torí Yorùbá náà ni a máa fi bá àwọn ìyá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ibi tí ìwé mi ti sọ pé ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ olómi tàbí àrunṣu, orúkọ gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fún gbogbo wọn. Gìrì ní tirẹ̀, àwùjẹ̀ ní tirẹ̀, kí omi gbẹ lára ọmọ náà ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjìlélógún ló wà nínú àtòjọ mi. Mo yọ gbogbo "ẹ gbọ́ o" àti "ṣé ẹ rí i" kúrò, mo sì to ẹ̀kọ́ náà ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì lórí wásáàpù. Wọ́n yìn mí, orí mi sì wú. Kí n má parọ́, ó wú gan-an.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbé èyí tí mo tẹ̀ jáde lọ bá Ìyáàfin Gbádéyan ní ọ́fíìsì kí wọ́n lè buwọ́ lù ú. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń mi orí sí i pé ó dáa. Nígbà tí wọ́n dé ojú ìwé kẹrin, orí náà dúró.

"Gbémisọ́lá, ta ló sọ èyí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lábẹ́ ìtọ́jú ìgbẹ́ gbuuru, oókan mi sọ pé kí wọ́n má fún ọmọ lómi títí ìgbẹ́ rẹ̀ á fi ki. Eéjì ni ORS, èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Ẹẹ́ta ni síǹkì.

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi?" Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Báwo ni mo ṣe sọ ọ́?"

Ìgbà náà ni mo rántí. Ìyáàfin Gbádéyan ní àṣà kan. Kí wọ́n tó kọ́ wa ní ìtọ́jú àìsàn kan, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe bí ìyá àgbà kan. Wọ́n á fi gèlè gbàdí, wọ́n á tẹ̀ bí arúgbó, wọ́n á wá fa ohùn: "Má fún un lómi o, jẹ́ kí ìgbẹ́ náà gbẹ!" Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á nàró, wọ́n á fi gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe. Wọn kì í sọ pé ti ìyá àgbà kò dáa. Ta ló nílò ìyẹn? Nínú ìwé tí mo kọ ní kíláàsì, Yorùbá ni ti ìyá àgbà, gẹ̀ẹ́sì ni ti nọ́ọ̀sì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ di gẹ̀ẹ́sì, mo sì fún àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà. Mo wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fún ìyá àgbà.

"Àwọn tó wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà mọ̀," ni Ìyáàfin Gbádéyan sọ. "Ta ni kò wá?"

"Dosi, mà."

Ọmọ Ẹ̀gùn ni Dosi, ọ̀rẹ́ mi. Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já geere, àkọsílẹ̀ gẹ̀ẹ́sì ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ajara ni wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́, gbogbo Ọjọ́rú ló sì ń bá àwọn ìyá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àná sì ni Ọjọ́rú.

Mo pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò gbé e. Ọ̀kadà méjì ló gbé wa dé Ajara.

Dosi ń to káàdì nígbà tí a wọlé. Mo bi í kí n tó kí i. Ó ní òun sọ ọ́, bó ṣe wà nínú ìwé.

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń yàgbẹ́?" ni Ìyáàfin Gbádéyan bi í.

"Ẹnì kan, mà. Ìyá Khaleel, tó ń jẹ́ Hikmat. Mo fún wọn ní ORS, mo ní kí wọ́n má tíì pò ó títí ìgbẹ́ yẹn á fi ki." Ó wo ojú wa, ó ké pe Ọlọ́run ní èdè Ẹ̀gùn. "Mawu! Kí ló dé?"

Mo sọ fún un. Ó dì mí lápá mú.

"Ó ṣe mí bákan o, Gbémi. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ mọ́ tónítóní. Mo ní bóyá èmi ni mi ò mọ̀."

Fóònù Hikmat kò lọ. Ohun tí káàdì sọ ni ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Agboolé mẹ́ta ni a wọ̀, ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò lè kí ènìyàn dáadáa. Ní ìkẹrin, a rí i lórí àga, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni Khaleel. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ń sunkún, omijé kò jáde. Pákẹ́ẹ̀tì ORS wà lórí tábìlì, wọn kò tíì já a.

"Kò tíì ki o," ni Hikmat sọ, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Láti àná ni mi ò ti fún un lómi."

Ìyáàfin Gbádéyan fún awọ ikùn ọmọ náà pọ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, àmì pé omi ti gbẹ lára rẹ̀. Wọ́n fọwọ́, wọ́n wọn omi mímu lítà kan, wọ́n da pákẹ́ẹ̀tì náà sí i, wọ́n rò ó. Wọ́n gbé ṣíbí lé mi lọ́wọ́. Khaleel mu mẹ́ta, ó bì í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a ní kí a dúró. Mi ò rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣíbí náà mú, kò fẹ́ kí n mú un kúrò. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú èmi.

A fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Mo jókòó ti Hikmat lórí bẹ́ǹṣì. Mo yọ ìwé mi, mo fagi lé ojú ìwé kẹrin, mo sì pín in sí méjì: ohun tí àwọn ará ilé máa ń sọ, ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe. Mi ò fi nọ́ńbà kankan sí ìhà àkọ́kọ́. Nínú yàrá ìtọ́jú, Khaleel tọ̀, ó sì figbe ta, igbe tó ní omijé.

"Kí lẹ̀ ń kọ?" ni Hikmat bi mí.

Ìyáàfin Gbádéyan wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìwé tí Dosi kà fún yín ni, mà. Èmi ni mo kọ ọ́. Àṣìṣe ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Hikmat kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo.

"Ìyá ọkọ mi náà sọ fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé kí n má fún un lómi," ló wí. "Mi ò dá wọn lóhùn. Ìwé yín ni mo gbọ́."